"Ó Ti Wọ́n Jù": Ohun Tó Yẹ Kí Olùtajà Ṣe Kó Tó Dín Owó

   

Ìwé tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín fi pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan ṣoṣo: kí ni kí olùtajà ṣe nígbà tí oníbàárà bá wo ìwé iye owó tán, tó gbójú sókè, tó ní, "Ó ti wọ́n jù"? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé kí oníbàárà tó pa ẹnu dé, a ti dá a lóhùn pé, "Ó kù sí yín lọ́wọ́, sà. Èló lẹ fẹ́ san?" Ìdáhùn yẹn ni mo wá bá wí níhìn-ín ní GRA Ìkẹjà lónìí. Mo gbà pé ẹ̀dínwó ní àyè tirẹ̀, màá sì sọ ibi tí àyè náà wà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu ẹni tó mọ ọjà rẹ̀.

Páálí ni màá fi ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, páálí tí wọ́n ń kó bisikíìtì, ọṣẹ àti ohun mímu sí. Mo mú un torí pé kò sí iléeṣẹ́ ní agbègbè yìí tí kì í rà á, àti torí pé lójú ẹni tí kò wò ó dáadáa, gbogbo páálí jọra. Ọjà tó bá jọra lójú ni wọ́n máa ń tètè pè ní ọ̀wọ́n.

Ohun tí ẹ̀dínwó ń jẹ

Ká sọ pé 800 náírà ni páálí kan ná yín láti ṣe é àti láti gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, tí ẹ sì ń tà á ní 1,000 náírà. Èrè yín lórí ẹyọ kan jẹ́ 200 náírà. Oníbàárà ní ó wọ́n, ẹ sì yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún un. Létí, ohun kékeré ni. Ṣùgbọ́n 100 náírà tí ẹ yọ yẹn kò jáde látinú 800 tó ná yín, torí ẹni tó ta ìwé fún yín kò bá yín dín tirẹ̀, awakọ̀ kò dín owó ọkọ̀, owó dísẹ́ẹ̀lì kò sì wálẹ̀ nítorí yín. Inú 200 èrè ló ti jáde. Èrè ti di ìdajì. Bí ẹ bá ń ta 10,000 páálí lóṣù, tí ẹ ń jèrè mílíọ̀nù méjì náírà, 20,000 lẹ gbọ́dọ̀ máa tà báyìí kí èrè yín tó padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ò sì tíì ra ẹ̀rọ kankan kún ti tẹ́lẹ̀.

Àdánù kejì kò hàn nínú ìwé ìṣirò. Ẹni tó pe 1,000 tó sì bọ́ sí 900 láàárín ìṣẹ́jú kan ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé 1,000 tí òun kọ́kọ́ pè kì í ṣe òótọ́. Inú oníbàárà kì í dùn bí a ṣe rò. Ohun tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé, "Bí n kò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Á ti rẹ́ mi jẹ nìyẹn." Yóò tún bi ara rẹ̀ léèrè bóyá 850 ló yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní, ṣebí bí a ṣe ń ná ọjà nìyẹn láti ayé bàbá wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ dáhùn, torí àwọn ìyá wa tó ń bẹ níbí mọ̀ ju èmi lọ. Ní ọjà Agége, ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń rà á jọ mọ̀ pé iye àkọ́kọ́ ní àlékún nínú. Ìnájà náà jẹ́ àdéhùn láàárín wọn. Síbẹ̀, ìyá oníṣu kì í já owó lulẹ̀ ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Á ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án ná." Á yí iṣu náà sí ìhà kejì kí ẹ rí i pé kò ní ojú ìdíbàjẹ́. Á bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi gún iyán ni tàbí ẹ fẹ́ fi ṣe àsáró. Nígbà tó bá yá, ó lè fi èènì sí i, kí iye tó pè sì dúró. Àwa tó wọ kóòtù tí a wọ ọ́fíìsì ló sọ ọgbọ́n yẹn nù. Ó sì yẹ kó ká wa lára ju tiwọn lọ, torí ní ọ́fíìsì, wọ́n máa ń tẹ iye tí a gbà sínú ìwé, wọ́n á sì fi í pa mọ́ sínú fáìlì. Bí ẹni tó ń rajà bá lọ, tí ẹlòmíràn dé, 900 ni yóò bá níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín ná an wálẹ̀.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni "ó ti wọ́n jù". Gbólóhùn kan náà ni gbogbo oníbàárà ń sọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dínwó òjijì fi burú: ó jẹ́ oògùn tí a fún aláìsàn kí a tó bi í léèrè ibi tó ń dùn ún.

Ẹnìkan sọ bẹ́ẹ̀ torí pé ó ní iye mìíràn lọ́wọ́ tó kéré sí tiyín, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ ọjà kan náà. Nígbà mìíràn, ọjà náà dọ́gba, owó orí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìjọba ń gbà lórí ọjà ló wà nínú ìwé tiyín tí kò sí nínú ti ẹnìkejì. Páálí tiyín á jẹ́ 1,075, tirẹ̀ á jẹ́ 1,000, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni ẹ jọ pè. Tàbí kó jẹ́ pé owó ọkọ̀ wà nínú tiyín, tí ẹnìkejì sì máa béèrè tirẹ̀ nígbà tí ẹrù bá dé ẹnu géètì. Mo ti rí olùtajà tó yọ owó kúrò nítorí irú ìyàtọ̀ yìí, tó sì di pé òun ló wá ń san owó ọkọ̀ látinú àpò ara rẹ̀.

Ẹlòmíràn, iye tó san kẹ́yìn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Èyí pọ̀ gan-an láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá ìpele ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tí wọ́n ń pè ní nǹkan bíi 470 náírà lọ́dọ̀ ìjọba ṣáájú àkókò náà kọjá 1,500 nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024. Ìwé líle tí a fi ń ṣe páálí tó lágbára, òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Oníbàárà tó ra páálí ṣáájú àkókò yẹn tó wá padà lẹ́yìn ọdún kan kò purọ́ bó bá ní ó wọ́n. Ẹ̀dínwó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kò lè wò ó sàn. Ohun tó nílò ni kí ẹ fi iye ìwé nígbà náà àti iye rẹ̀ nísinsìnyí hàn án, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé iye owó yín bí ọjọ́ tí iye náà yóò fi dúró ṣe pọ̀ tó.

Àwọn kan wà tí ọ̀gá wọn ti sọ fún pé kí wọ́n má ṣe gba iye àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ohun tó lè gbé padà fún ọ̀gá rẹ̀, kò sì pọn dandan kí ohun náà jẹ́ owó.

Èyí tó kẹ́yìn ni àwọn tí kò tíì rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n rà á rárá. Ọwọ́ wa ni èyí ti máa ń wá. Neil Rackham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ìwádìí nípa títa ọjà, kọ sínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1988 pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun tẹ̀lé nǹkan bíi 35,000 ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín olùtajà àti oníbàárà. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ni pé olùtajà tó bá ń ka àbùdá ọjà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ló máa ń fa ìráhùn lórí owó, nígbà tí ẹni tó bá ń béèrè ìṣòro oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ irú ìráhùn bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́, torí ohun tí ìyá oníṣu ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi iṣu náà ṣe.

Nínú ọ́fíìsì ẹni tó ń rajà

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò. Èmi ni mo to ó pọ̀, èmi náà ni mo sì ro àwọn iye inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ẹ kò ní bá pàdé bí ẹ bá wọ iléeṣẹ́ bisikíìtì lọ́la. Obìnrin kan ló ń rajà fún iléeṣẹ́ náà. Ó ń lo 10,000 páálí lóṣù. Olùtajà pe páálí onípele márùn-ún ní 1,000 náírà.

"Ó ti wọ́n jù," obìnrin náà wí. "Ẹni tó wá lánàá pè é ní 900."

Olùtajà kò fèsì kíá. Ó mí, ó ní, "Mo gbọ́ yín, mà. Kí n má baà sọ̀rọ̀ lórí ohun tí n kò rí, ṣé mo lè wo èyí tó mú wá?"

Wọ́n gbé e wá. Ó ya etí rẹ̀ díẹ̀, ó fi han obìnrin náà: ìwé pẹlẹbẹ méjì, ìwé alámì-ìgbì kan láàárín wọn. Onípele mẹ́ta ni. Ti olùtajà fúnra rẹ̀ ní pẹlẹbẹ mẹ́ta àti ìgbì méjì. Kò bú páálí ẹnìkejì. Ó kàn béèrè, "Ibo ni ẹrù yín ń lọ, mà?"

"Bíi 6,000 ń lọ sí Kánò lóṣù. Ìyókù ń bẹ nínú Èkó níbí."

"Nígbà tí ẹ lo onípele mẹ́ta kẹ́yìn, mélòó ni wọ́n dá padà torí pé páálí fọ́?"

Obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kíyè sí ibí yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Olùtajà kò pe iye kankan látinú orí ara rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ lè bá mi bi ẹni tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí?" Wọ́n pè é. Ó ṣí ìwé rẹ̀: 80 nínú 10,000 lóṣù náà, gbogbo rẹ̀ láti ọ̀nà Kánò. Ní oṣù tí wọ́n lo onípele márùn-ún, 12 ni. Bisikíìtì inú páálí kan jẹ́ 18,000 náírà.

Wọ́n jọ ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí ìwé. 68 páálí tó wà láàárín 80 àti 12, tí a bá fi 18,000 sọ ọ́ di púpọ̀, jẹ́ 1,224,000 náírà. Ohun tí páálí 900 yóò jẹ́ kí wọ́n pa mọ́ jẹ́ 100 náírà lórí 10,000, ìyẹn mílíọ̀nù kan. Látinú ìwé iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni iye náà ti jáde, obìnrin náà sì lè gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ̀ láìsí pé olùtajà wà níbẹ̀.

Ìdí tí páálí fi ń fọ́ lọ́nà Kánò kò ṣòro láti mọ̀. Igun àti etí páálí ló ń gbé ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Bí ìwé bá fa ọ̀rinrin, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀ gan-an. Nínú òjò, tírélà tó dúró ní ọ̀nà fún ọjọ́ bíi mélòó kan lábẹ́ tapólì tó ń jò ti ba páálí jẹ́ kó tó dé. Bí wọ́n bá tò ó tí igun kò bá igun mu, ó tún burú sí i. Ẹ wo ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: bí ikùn páálí bá ti ń yọ síta, tí igun rẹ̀ sì ti ń tẹ̀ wọnú, ìparun ti bẹ̀rẹ̀.

Olùtajà tó jẹ́ olóòótọ́ kò dúró síbi ìṣirò yẹn. Ẹrù tó ń bẹ ní Èkó kò rìn jìnnà, wọn kò sì tò ó ga. Onípele mẹ́ta tó fún un. Nítorí náà, ó ní: "Ẹ jẹ́ ká fi onípele márùn-ún sí ti Kánò, 6,000, ní 1,000 náírà. Kí á fi onípele mẹ́ta sí ti Èkó, 4,000, ní 890." Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 9,560,000 náírà dípò mílíọ̀nù mẹ́wàá. Owó oníbàárà dín ní 440,000. Èrè olùtajà kò dín kọ́bọ̀, torí 690 ni onípele mẹ́ta ń ná an. Iye tó jáde kúrò nínú owó jáde pẹ̀lú ìwé tó jáde kúrò nínú páálí. Èyí ni mo ń pè ní ìdínkù tó ní ìdí.

Bó bá jẹ́ pé 30 ni ẹni ilé ìkẹ́rùsí pè dípò 80 ńkọ́? Ìyàtọ̀ náà yóò jẹ́ 18 páálí, 324,000 náírà, èyí tó kéré sí mílíọ̀nù kan. Nígbà náà, páálí 900 ló dára fún un, ó sì yẹ kí olùtajà sọ bẹ́ẹ̀, kó sì mú onípele mẹ́ta tirẹ̀ wá. Ẹni tó ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í tún já ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní koro.

Kí la ó gbà padà?

Ó máa ń di ìgbà kan tí gbogbo ìbéèrè á ti tán, tí oníbàárà á ṣì ní kí ẹ dín in. Kí ẹ tó dáhùn, ẹ bi í bóyá owó nìkan ló kù: "Bí a bá yanjú iye yìí, ṣé ẹ ó fọwọ́ sí i lónìí, mà?" Bó bá ní ó ṣì ku ọ̀gá kan tí òun fẹ́ bi, a jẹ́ pé àkókò ìnájà kò tíì tó. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Bó bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gba nǹkan padà. Èyí tó wúlò jù ní agbègbè yìí ni ìgbà tí wọ́n ń sanwó. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ń rajà láwìn fún oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èlé orí owó tí báǹkì ń yá ènìyàn nígbà náà sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká lo 30 fún ọdún kan. Àwìn oṣù mẹ́ta lórí páálí 1,000 náírà ń ná yín ní 75 náírà èlé. Nítorí náà, bí oníbàárà bá gbà láti sanwó lọ́jọ́ tí ẹrù dé, ẹ lè yọ 50 náírà fún un, kí 25 ṣì kù sọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá yọ 50 náà láìbéèrè ìgbà ìsanwó, 125 lẹ pàdánù nínú 200.

Ohun mìíràn wà tí a lè gbà: ìwé àdéhùn oṣù mẹ́fà dípò oṣù kan, tàbí kí wọ́n gba ẹrù lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bí ẹni tó ń rajà bá sì nílò ohun tó máa gbé fún ọ̀gá rẹ̀ nìkan, ẹ fi èènì sí i, bíi kí ẹ bá wọn tọ́jú ẹrù ọ̀sẹ̀ kejì sí ilé ìkẹ́rùsí yín.

Ibi tí ọ̀nà yìí pin sí

Ọ̀nà kan kò wọjà, èyí tí mo ń sọ yìí náà sì ní ààlà. Bí ọjà yín bá dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnìkejì lóòótọ́, tí ìbéèrè kò mú ìyàtọ̀ kankan jáde, ọjà ló pinnu iye. Ẹ wo ohun tó ń ná yín dípò kí ẹ máa wá ọ̀rọ̀ dídùn. Ọjà tó ti ń pẹ́ nílẹ̀, tí ọ̀rinrin fẹ́ bà jẹ́, ẹ dín in kíá. Oníbàárà tí kò sì lówó lọ́wọ́, ìbéèrè kò lè sọ ọ́ di olówó: ẹ ta díẹ̀ fún un.

Ọ̀kan tún wà tó dùn mí láti sọ. Nígbà mìíràn, ẹni tó sọ pé ọjà wọ́n ń wá ẹ̀gúnjẹ fún ara rẹ̀ ni. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: kì í fẹ́ ṣe ìṣirò, kì í pe ẹni ilé ìkẹ́rùsí, ó sì máa ń fẹ́ kí ẹ pàdé níta. Ẹ fi ìwé iye owó àti ìṣirò yín ránṣẹ́ sí ímeèlì iléeṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀. Bí títà náà bá ti ipa bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá san án lẹ́ẹ̀kan yóò máa san án lóṣooṣù, inú 200 náírà yẹn náà ni yóò sì ti máa jáde.